Mo ní a sún un síwájú, wọ́n gbọ́ pé ó ti ń bọ̀

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan báyìí tí ọ̀rọ̀ Faransé kan ṣoṣo ti ń jẹ mí lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ náà ni avancer. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó le. Mo ti mọ̀ ọ́n kí n tó kúrò ní Abúlé Èdè Faransé ní Àgbádárìgì, níbi tí wọ́n máa ń kó àwa akẹ́kọ̀ọ́ Faransé lọ kí etí wa lè là sí èdè náà. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí mo gbà pé mo mọ̀ yìí ló gbé ìyá àgbàlagbà kan kúrò ní Lomé lọ́jọ́ Àìkú, tó gba bodè Hilla-Condji àti ti Sèmè kọjá, tó sì mú un dé ṣọ́ọ̀bù wa ní Ìdúmọ̀tà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, nígbà tí àwa ń retí rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì.

Èmi ni mo ń bá Alájà, ọ̀gá mi, kọ̀wé sí àwọn oníbàárà wa tó ń sọ Faransé. Léèsì là ń tà. Àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ wa ń wá láti Kútọnu, láti Lomé, ìgbà mìíràn láti Abidjan. Owó kì í sábà dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa, nítorí nọ́ńbà ni owó, kò sí ẹni tí kì í rí i bó ṣe rí. Ọjọ́ ló máa ń dà á rú.

Ohun tí mo kọ

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, la ti dá fún Màmá Lomé pé kó wá yan léèsì tí yóò kó lọ fún títà ìparí ọdún. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀, àjẹ́ńtì wa tẹ̀ wá láago láti Àpápá pé kòńténà kò ní jáde kí Ọjọ́bọ̀ tó pé. Alájà wò mí, ó ní, "Bá mi kọ̀wé sí Màmá Lomé. Ní a fẹ́ sún un síwájú ní ọjọ́ méjì."

Mo jókòó, mo kọ ọ́ sórí Wasáàpù lójú ẹsẹ̀:

« Bonjour Madame, nous souhaitons avancer notre rendez-vous de deux jours. Merci de votre compréhension. »

Kò sí àṣìṣe kankan nínú gírámà rẹ̀. Olùkọ́ mi ní Àgbádárìgì ì bá fún mi ní máàkì tó dára. Kò pẹ́ tí èsì fi dé:

« C'est noté. À très bientôt. »

Mo sọ fún Alájà pé wọ́n ti gbà, mo sì gbé fóònù sílẹ̀. Nígbà tí mo padà ka èsì yẹn lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́, mo rí i pé ó yẹ kí ó ti ta mí lólobó. À très bientôt túmọ̀ sí pé a ó ríra láìpẹ́ rárá. Ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé kó ṣì dúró kì í dáhùn báyẹn. Ká ní ọjọ́ Ẹtì ló wà lọ́kàn wọn, À vendredi ni wọn ì bá kọ. Àti pé wọn kò dárúkọ ọjọ́ kankan nínú èsì wọn, bí èmi náà kò ṣe dárúkọ rẹ̀ nínú tèmi. Èmi mú Ẹtì lọ́wọ́, àwọn mú Ajé lọ́wọ́, a jọ kí ara wa pé ó dàbọ̀.

Ìka wọn lórí gíláàsì fóònù

Agogo mọ́kànlá ti kọjá díẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, nígbà tí mo gbójú sókè tí mo rí wọn lẹ́nu ọ̀nà, àwọn àti ọmọbìnrin wọn kan tó gbé báàgì. Eruku ọ̀nà Sèmè ti mú gèlè wọn. Alájà dìde, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ọ̀nà o, Màmá," ó sì yí ojú sí mi pẹ̀lú ìbéèrè tí kò fi ẹnu bi. Orí pẹpẹ ṣófo. Àwọn ògbólógbòó léèsì ọdún tó kọjá nìkan ló kù níbẹ̀.

Wọ́n kọ́kọ́ mu omi. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé ọjọ́ Ẹtì la dá. Wọn kò bá mi jiyàn. Wọ́n yọ fóònù, wọ́n wá ọ̀rọ̀ tí mo kọ kàn, wọ́n na fóònù náà sí mi, wọ́n sì fi ìka ìlábẹ̀ tẹ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Avancer. Èékánná wọn bò ó tán, wọ́n gbé e kúrò, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Wọ́n wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń kọ́ ọmọ:

« Vous avez avancé. Moi aussi, j'ai avancé. »

Ẹ ti sún síwájú, èmi náà sì sún síwájú. Alájà bi mí pé, "Kí ni wọ́n ń wí?" N kò lè túmọ̀ rẹ̀, nítorí bí mo bá túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá bó ṣe rí, yóò dà bí ẹni pé àwọn ló jẹ̀bi. Mo mú ọjọ́ Ọjọ́rú, mo ka méjì sẹ́yìn lórí ìka mi: Ìṣẹ́gun, Ajé. Ibẹ̀ ni wọ́n jókòó sí, lórí àga wa, lọ́jọ́ Ajé gan-an. Wọ́n ṣe ohun tí ìwé mi ní kí wọ́n ṣe, wọn kò fi wákàtí kan yẹ̀ ẹ́. Ẹyin lohùn lóòótọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ wọ́n.

Ta ló ń rìn, àwa tàbí ọjọ́?

Ohun tí mo ń rò láti ìgbà yẹn ni pé n kò ṣi ọ̀rọ̀ tú. Avancer ni kí nǹkan sún síwájú, ìwé atúmọ̀-èdè kankan kò ní jiyàn rẹ̀. Ibi tí iwájú wà ni a kò ti fẹnu kò.

Nígbà tí àwa Yorùbá bá ní wọ́n sún ìdìbò síwájú, kò sí ẹni tó ń gbọ́ pé yóò tètè dé. A gbọ́ pé ó di ọjọ́ mìíràn tó jìnnà ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé àwa là ń rìn nínú ọ̀rọ̀ wa. Ọjọ́ wà lọ́nà níwájú wa bí ilé tí à ń lọ. Bí o bá sún ilé náà síwájú, ìrìn wa gùn sí i.

Nínú avancer, ìpàdé fúnra rẹ̀ ló ń rìn, ọ̀dọ̀ wa ló sì ń bọ̀. Ó kọjú sí wa bí àlejò tó wọ ojúlé. Bí àlejò yẹn bá gbé ẹsẹ̀ síwájú, ó ti sún mọ́ wa nìyẹn, ọjọ́ ti yá. Bí ó bá sì fi ẹ̀yìn rìn, ìyẹn reculer, ó jìnnà sí wa, ọjọ́ di iwájú. Repousser ni kí àwa fi ọwọ́ tì í padà. Láti ìgbà tí mo ti ń rí àlejò yìí lójú ọkàn mi, n kò tún ṣì wọ́n lò mọ́. Tí mo bá fẹ́ kọ ọ̀kan nínú wọn, mo máa ń bi ara mi pé, ṣé mo fẹ́ kí àlejò yìí wọlé ni, àbí kó ṣì dúró níta?

Ọ̀rọ̀ kan wà láàárín wọn tó tún léwu ní tirẹ̀, ìyẹn décaler. Ó rọ̀ lẹ́nu, àwọn ọ̀dọ́ inú ọ́fíìsì sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n pé kí a yí nǹkan kúrò ní àyè rẹ̀ nìkan ló ń sọ, kò sọ ibi tí a yí i sí. On décale d'une heure lè jẹ́ wákàtí kan ṣáájú, ó sì lè jẹ́ wákàtí kan lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ló máa gbọ́ ti ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ẹni kan wà tí kò ní gbọ́ bẹ́ẹ̀, òun gan-an ló sì máa dúró de ọ ní ibi tí o kò tíì dé. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó, kó fi plus tôt tì í lẹ́yìn bó bá jẹ́ ṣáájú, tàbí plus tard bó bá jẹ́ ẹ̀yìn.

Bí ọjọ́ bá máa jìnnà sí i, reporter ni mo ń lò báyìí. Kò ní ojú méjì. Ohun tí a bá ti reporter, kò sí bó ṣe lè tètè dé.

Ìwé tí ó yẹ kí n kọ

Ní alẹ́ ọjọ́ Ajé yẹn, n kò sùn kí n tó jókòó kọ ìwé tí ó yẹ kí Màmá Lomé ti gbà ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. N kò fi ránṣẹ́, ó ti pẹ́ jù. Mo kàn fẹ́ rí i lójú mi ni.

« Bonjour Madame,
Notre rendez-vous était prévu mercredi 17 septembre à 10 h. En raison d'un retard au port, nous devons le reporter.
Seriez-vous disponible vendredi 19 septembre à 11 h, heure de Lagos (10 h à Lomé) ?
À défaut, je vous propose lundi 22 septembre à la même heure.
Merci de me dire avant samedi midi lequel des deux jours vous convient. D'ici là, je garde les deux.
Bien cordialement »

Ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹyọ kan níbí tó ṣeé yọ dànù. Ọjọ́ àtijọ́ ló kọ́kọ́ jáde, pẹ̀lú était prévu, tó ń sọ pé bí a ti ṣètò rẹ̀ tẹ́lẹ̀ nìyí. Ẹni tí ń gbà á yóò mọ̀ pé ìpàdé wo là ń sọ, nítorí oníṣòwò bíi tiwọn lè ní mẹ́rin lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ tuntun jáde, pẹ̀lú orúkọ ọjọ́ àti nọ́ńbà rẹ̀ papọ̀. Bí mo bá ṣi nọ́ńbà kọ, orúkọ ọjọ́ yóò tú mi fó, wọ́n á sì béèrè. Ká ní mo kọ ọjọ́ méjèèjì báyìí ní ìgbà àkọ́kọ́, ì bá jẹ́ avancer ni mo tún kọ, wọ́n á rí i pé kò bá ọjọ́ tó tẹ̀ lé e mu, wọ́n á sì pè mí kí wọ́n tó wọkọ̀.

Seriez-vous yẹn ni kí ẹ kíyè sí. Êtes-vous disponible kì í ṣe èébú, ṣùgbọ́n sí àgbà tí a fẹ́ yẹ àdéhùn lé lórí, ó dà bí ìgbà tí a bá béèrè nǹkan láì sọ pé ẹ jọ̀ọ́. Seriez-vous sọ ọ́ di bíi pé, ṣé á lè rọ̀ yín lọ́rùn. Vous la sì ń lò jálẹ̀. Tu kò gbọ́dọ̀ yọjú síbẹ̀, bí a kì í ṣe sọ pé "o" fún ìyá ẹni.

À défaut ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀. Ká ní ou ni mo fi so ọjọ́ méjèèjì pọ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé èyíkéyìí ló tẹ́ mi lọ́rùn. À défaut ní tirẹ̀ ń sọ pé ti Ẹtì ni mo fẹ́, àfi bí kò bá ṣeé ṣe ni ká bọ́ sí Ajé. Oníbàárà mọ ibi tí ọkàn rẹ wà láìjẹ́ pé o fi dandan mú un. Méjì sì tó. Mo ti rí ìwé tí wọ́n ti to ọjọ́ márùn-ún sílẹ̀ fún oníbàárà. Èsì tó wá ni « Oui, parfait », kò sì sí ẹni tó mọ èyí tó jẹ́ parfait nínú márààrún. Ìdí nìyẹn tí mo fi parí rẹ̀ pẹ̀lú lequel des deux jours, ìyẹn èwo nínú ọjọ́ méjèèjì, kí bẹ́ẹ̀ ni lásán má lè jẹ́ èsì.

Ohun kékeré kan tún wà tí kò hàn níbẹ̀ nítorí pé n kò kọ ọ́: le níwájú orúkọ ọjọ́. Tí mo bá sọ pé je suis libre vendredi, pé mo ráyè ní Ẹtì, ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ yìí ni. Tí mo bá sọ pé je suis libre le vendredi, tí n kò fi nọ́ńbà sí i, mo ti ya gbogbo ọjọ́ Ẹtì ayé mi sọ́tọ̀ nìyẹn. Bí nọ́ńbà bá ti wà níbẹ̀, bíi le vendredi 19 septembre, kò sí ìyọnu mọ́.

Vendredi en huit

Màmá Lomé kò bínú lọ. Wọ́n ní àwọn ní àbúrò ní Kútọnu, àwọn á lọ dúró sọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yẹn kò rọrùn fún wọn mọ́, wọ́n ní ìnáwó ẹbí. Wọ́n sọ̀rọ̀ bí wọ́n ti ń tún gèlè wọn dì:

« Alors on dit vendredi en huit, à dix heures. »

Ọmọ tó ń bá wa ṣe ìwé ọjà, tó gbọ́ Faransé díẹ̀díẹ̀, ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo wo ìwé rẹ̀: Ẹtì, agogo mẹ́jọ. Ó ti fa igi sórí mẹ́wàá, ó rò pé wọ́n yí ọkàn padà láàárín gbólóhùn kan.

Mo mú bírò lọ́wọ́ rẹ̀. En huit kì í ṣe agogo. Ọjọ́ mẹ́jọ ni. Vendredi en huit ni kí o mú ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, kí o ka á sí ọ̀kan, kí o wá ka ọjọ́ títí dé ẹ̀kẹjọ. Ẹtì, Àbámẹ́ta, Àìkú, Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì. Ọjọ́ kọkàndínlógún lọ sí ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n. Bí a ti ń ka á lórí ìka, mo rí i tí ojú ọmọ náà là, nítorí kíka tiwa gan-an nìyẹn. A kì í fo ọjọ́ tí a dúró lé. Ọmọ tí a bí lónìí, òní ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìkómọ rẹ̀, ọjọ́ kẹjọ á sì bọ́ sí irú ọjọ́ tí a bí i. Ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún, ọjọ́ ọjà wà nínú márùn-ún náà. Faransé tó pe ọ̀sẹ̀ kan ní huit jours, tó sì pe ọ̀sẹ̀ méjì ní quinze jours, bí àwọn bàbá wa ti ń ka ọjọ́ ló ń ka tirẹ̀.

Ó yà mí lẹ́nu. Ibi tí mo gbọ́kàn lé pé èdè méjèèjì jọra, síwájú àti avancer, ibẹ̀ ni wọ́n ti yapa. Ibi tí ó dà bí àdììtú pátápátá ni wọ́n ti jẹ́ ọmọ ìyá. Vendredi prochain, ìyẹn Ẹtì tó ń bọ̀, tó rọrùn láti túmọ̀, ni kò dá mi lójú rárá. Bí o bá sọ ọ́ lọ́jọ́ Ajé, ẹnì kan á gbọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹlòmíràn á gbọ́ ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Vendredi en huit kò ní irú wàhálà bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n.

Ó ku agogo mẹ́wàá. Agogo mẹ́wàá ta ni? Aago Lomé fi wákàtí kan kẹ́yìn tiwa ní Èkó, ti Kútọnu sì bá tiwa dọ́gba. Màmá ti Lomé wá, Kútọnu ni wọ́n máa ti gbéra, Ìdúmọ̀tà ni wọ́n ń bọ̀. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, nítorí náà mo béèrè: « Dix heures, heure de Lagos ? » Wọ́n wo aago ọwọ́ wọn, wọ́n ronú díẹ̀. Aago yẹn, ti Lomé ló ṣì wà lórí rẹ̀. Wọ́n ní rárá, dix heures tiwọn ni wọ́n ń sọ, ìyẹn mọ́kànlá tiwa.

Kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n ti máa wọkọ̀, mo ti fi èyí ránṣẹ́ sórí fóònù wọn:

« Je vous confirme : vendredi 26 septembre à 11 h, heure de Lagos et de Cotonou (10 h à Lomé), au magasin. »

Kòńténà jáde ní Ọjọ́bọ̀ bí àjẹ́ńtì ti wí. A tú léèsì sílẹ̀, a tò ó ní àwọ̀ àwọ̀. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, agogo mọ́kànlá kù ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà tí mo gbọ́ ohùn wọn lórí àtẹ̀gùn.

Láti ìgbà yẹn, wọ́n ti kọ̀wé sí mi lẹ́ẹ̀kan láti yí ọjọ́ padà fúnra wọn. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyí: « Je reporte du mardi 18 novembre au jeudi 20 novembre. 10 h chez moi, 11 h chez vous. »